Ẹ de ọwọ́ tó le, kí ọwọ́ tó rọ lè rí iṣẹ́ ṣe

1/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù, ẹ̀yin ni mò ń bá wí lónìí. Àwa Ìlàjẹ etí òkun ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti fojú ara mi rí i. Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀: ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó rọ nílé wa, àrùn nìkan kọ́ ló pa á. Àrùn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwa ará ilé la bá a parí ẹ̀. Ìfẹ́ la sì fi parí ẹ̀.

2/
Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á gba ọsibítù sílẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì á gbé bàbá láti Igbókòdá wọ inú omi lọ sílé. Bó ṣe ń gúnlẹ̀ báyìí, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ń gbé omi sí i lẹ́nu, ìkan ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ìyàwó ń fi púpurú bọ́ ọ. Èyí tó bá kù tó fẹ́ ṣe fúnra ẹ̀, ọwọ́ òsì tó le ló ń fi ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan bí ẹrù àlejò. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, gbogbo ilé ti gbà pé ọwọ́ yẹn ti lọ.

3/
Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí wàhálà ti ṣẹlẹ̀. Àrùn yìí ò fọwọ́ kan egungun ọwọ́ náà, kò fọwọ́ kan ẹran ara ẹ̀. Inú ọpọlọ ló ti ṣọṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan, tàbí kí iṣan ẹ̀jẹ̀ náà bẹ́, ibi tó ń bọ́ nínú ọpọlọ ò rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́, ó sì kú. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, apá ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ òsì. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ń fi òróró gbígbóná wọ́ ọwọ́ láàárọ̀ lálẹ́, tẹ́ ẹ wá ń retí pé òróró ló máa jí i, ilé ẹni tí ò jẹ yín lówó lẹ ti lọ ń sin gbèsè.

4/
Lórí èèpo ọpọlọ, ìyẹn ìpele òkè tó bo gbogbo ẹ̀, ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ tiẹ̀. Ìka ọwọ́ ní ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ ní, ìgúnpá àti èjìká náà ní, gbogbo wọn sì múlé ti ara wọn. Ilẹ̀ ìka tóbi gan-an torí iṣẹ́ tí ìka ń ṣe pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ààlà àwọn ilẹ̀ yìí kì í dúró sójú kan títí ayé. Ẹni tó bá ń dá oko síbẹ̀ ló ń ni ín. Ẹni tó bá pa tiẹ̀ tì, aládùúgbò á fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́.

5/
Ẹni tó bá mọ Ayétòrò, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé e. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti ń jẹ ẹ́ láti ọdún pípẹ́. Ilẹ̀ tí òkun ti gbé lọ ti lọ, ká má tan ara wa. Àmọ́ ẹni tí òkun gbalé ẹ̀ máa ń kó ẹrù ẹ̀ sẹ́yìn ni, á wá pákó, á tún ilé kọ́ sórí ilẹ̀ tó kù. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣe nìyẹn. Apá tó kú ò ní jí. Kí ọwọ́ tó lè padà, iṣẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ kó lọ sórí ilẹ̀ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kò sì sí ohun tó ń kó o lọ ju pé kí ọwọ́ yẹn gan-an máa ṣiṣẹ́.

6/
Mi ò sọ ọ́ lásán. Ní 1996, Randolph Nudo àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ya àwòrán ilẹ̀ ọwọ́ nínú ọpọlọ àwọn ọ̀bọ kéékèèké. Wọ́n ń ta iná mànàmáná tín-ín-tín sí ojú ibi kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo ohun tó máa mì: ṣé ìka ni, àbí ìgúnpá? Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa ibi kékeré kan nínú ilẹ̀ ìka, gẹ́gẹ́ bí rọpárọsẹ̀ ṣe máa ń pa á. Ọsẹ̀ díẹ̀ kọjá, wọ́n tún padà lọ wọn ilẹ̀ náà.

7/
Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n kàn fi sílẹ̀ láìfún wọn níṣẹ́, ilẹ̀ ìka tí àrùn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Ìgúnpá àti èjìká ti ń gbà á. Ẹ tún un kà: apá tó yè náà ń lọ, torí pé ẹnikẹ́ni ò lò ó. Àmọ́ àwọn tí wọ́n bo ọwọ́ tó le fún, tí wọ́n wá ń fi ọwọ́ tó rọ mú oúnjẹ kékeré jáde láti inú ihò kékeré lójoojúmọ́, tiwọn ò súnkì. Nínú àwọn kan, ilẹ̀ ìka tiẹ̀ tẹ̀ síwájú wọ ilẹ̀ ìgúnpá àti ti èjìká lọ.

8/
Nítorí náà, nígbà tẹ́ ẹ bá sọ pé "ẹ jẹ́ kó sinmi ná títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀", ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń sọ. Ọwọ́ ò dúró síbi tẹ́ ẹ fi í sí kó máa retí yín. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà lórí itan, ilẹ̀ ẹ̀ ń lọ nínú ọpọlọ. Ìsinmi tẹ́ ẹ fún un, àwọn aládùúgbò ló ń jàǹfààní ẹ̀.

9/
Wàhálà kejì tún wà, òun ló ń bí mi nínú jù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward Taub ló ṣàlàyé ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá gbìyànjú láti fi ọwọ́ ọ̀tún mú ife. Ife bọ́, omi dà, ojú tì í. Ó fi ọwọ́ òsì mú un, ó rọrùn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ìtìjú kan náà ni. Bó ṣe kọ́ ọ nìyẹn: má lo ọwọ́ ọ̀tún. Tó bá di oṣù kejì tàbí ìkẹta, ọpọlọ ti yá díẹ̀, ọwọ́ náà ti lè ṣe nǹkan, àmọ́ bàbá ò tún gbìyànjú mọ́. Ọwọ́ lè ṣe é. Olówó ọwọ́ ni kò mọ̀.

10/
Ara ọ̀bọ ni Taub ti kọ́kọ́ rí i. Tí wọ́n bá gé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára wá láti apá kan, ọ̀bọ ò ní lo apá yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣì lè mì ín. Taub de apá kejì tó le. Ebi ń pa ọ̀bọ, oúnjẹ wà níwájú ẹ̀, ó fi apá tó ti pa tì mú un. Tí wọ́n bá tú u lẹ́yìn ọjọ́ kan, ó máa ń padà sí ìwà àtijọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá dè é fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìlò ọwọ́ náà máa ń dúró.

11/
Ibẹ̀ ni ìtọ́jú tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ti jáde wá. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìtọ́jú ìdè-ọwọ́. Nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn bo ọwọ́ tó le kó má lè di nǹkan mú. Ìkejì, ẹ fún ọwọ́ tó rọ ní iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń kà, tó ń le sí i díẹ̀díẹ̀. Ìkẹta, ẹ bá aláìsàn ṣe àdéhùn lórí ohun tó máa fi ọwọ́ náà ṣe nínú ilé, kẹ́ ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ti ìdè nìkan tó wá lọ dì í, kò tíì ṣe nǹkan kan. Àsopọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣiṣẹ́.

12/
Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn? Ní 2006, Steven Wolf àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé èsì jáde lórí èèyàn 222 ní Amẹ́ríkà, àwọn tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n láti oṣù mẹ́ta sí mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ìtọ́jú náà. Wọ́n ń wọ ìbọ̀wọ́ fún ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àkókò tí wọn ò sùn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ tó tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè. Wọ́n sàn ju àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ìyàtọ̀ náà ṣì wà lẹ́yìn ọdún kan.

13/
Nínú ọpọlọ ńkọ́? Ní Jámánì, Joachim Liepert àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń lo agbára òòfà láti ìta orí wọn ilẹ̀ tó ń mú ọwọ́ mì, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2000. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdè-ọwọ́, ilẹ̀ ọwọ́ tó rọ kéré sí ti ọwọ́ tó le. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ó fẹ̀ gan-an. Nígbà tó fi di oṣù mẹ́fà, ilẹ̀ méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọ̀dọ̀ àwọn tí àìsàn ti pẹ́ lára wọn ni wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá ní ó ti pẹ́ jù, ẹ jẹ́ kó wá jẹ́jọ́.

14/
Ó dáa, àmọ́ gbogbo ọwọ́ kọ́ ni ti ìdè o. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Àyẹ̀wò tó rọrùn wà: ẹ gbé aṣọ ìnujú kékeré sórí tábìlì, kẹ́ ẹ ní kí aláìsàn fi ọwọ́ tó rọ gbé e sókè, kó sì jù ú sílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbọ́n kan ṣoṣo, bó bá ṣe wù ú kó mú un. Ìjùsílẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò dáadáa, torí kí ìka là ló máa ń nira ju kí ìka dì lọ. Tó bá lè gbé e, tó sì lè tú u sílẹ̀, iṣẹ́ wà fún yín.

15/
Tí kò bá lè mì rárá, ẹ má de nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá de ọwọ́ tó le nígbà tí èkejì ò lè ṣe ohunkóhun, ìyà lásán lẹ ń fi jẹ ẹ́. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ dáàbò bo èjìká ẹ̀. Ẹ gbé apá náà lé ìrọ̀rí tó bá jókòó, ẹ má jẹ́ kó máa rọ̀ dirodiro. Ẹ má sì fà á lápá láé tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e dìde lórí ibùsùn tàbí gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Iṣan tó ń di èjìká mú ti rọ. Fífà yẹn ló ń fa ìrora èjìká tí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan apá náà mọ́, nígbà tí ìka bá sì fẹ́ padà, ìrora ni kò ní jẹ́ kó lò ó.

16/
"Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì?" Rárá o. Ẹ farabalẹ̀ gbọ́ èyí. Ó tọ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀, torí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ń tún ara ẹ̀ tò jù. Àmọ́ kíá yàtọ̀ sí àpọ̀jù. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2015 wo èèyàn 2,104. Àwọn tí wọ́n gbé dìde láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, tí wọ́n sì ń dá lára yá gan-an, kò dára fún wọn tó àwọn tí wọ́n rọra gbé. Ìjókòó àti ìdìde kúkúrú, tí ẹ tún un ṣe léraléra, lẹ́yìn tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, lohun tó tọ́ ní ọjọ́ wọ̀nyẹn.

17/
Bákan náà ni ìdè-ọwọ́. Alexander Dromerick gbé èsì kan jáde ní 2009 lórí èèyàn 52 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún ní bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn àrùn. Àwọn tí wọ́n fún ní èyí tó le jù, wákàtí mẹ́ta iṣẹ́ lóòjọ́ àti ìbọ̀wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọjọ́, wọ́n sàn kéré sí àwọn yòókù nígbà tó fi di àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹ rí i? Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ tó rọ máa bá iṣẹ́ kéékèèké lọ: kó di ṣíbí mú, kó nu ojú. Ìdè tó le kó dúró títí físíò á fi wò ó. Ohun tí mò ń bá jà ni àìlò. Mi ò ní kẹ́ ẹ pa á lára.

18/
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa. Àbúrò bàbá mi, àwọ̀n títún ni iṣẹ́ ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ló rọ. Ọsibítù tó gbà á sílé fún un lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní kó máa ṣe eré ìdárayá. Eré wo? Ìgbà mélòó? Kò sí ẹni tó sọ. Ní oṣù kẹrin, ó lè gbé aṣọ kékeré, ó sì lè jù ú sílẹ̀ tí wọ́n bá ní sùúrù, bẹ́ẹ̀ ìyàwó ẹ̀ ṣì ń bọ́ ọ. Àwọn ọmọ ẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ físíò kan nígboro. Òwúrọ̀ kan péré ni físíò náà fi kọ́ ọmọ ẹ̀ obìnrin ní bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

19/
Ìbọ̀wọ́ wọn kì í ṣe ti òyìnbó. Wọ́n rán táwẹ́ẹ̀lì àtijọ́ bí àpò, wọ́n fi bo ọwọ́ òsì. Wọ́n kọ àdéhùn sára ògiri: ìgbà tó máa wà lọ́wọ́, ìgbà tí wọ́n máa bọ́ ọ. Wákàtí mẹ́ta lóòjọ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń kà, wọ́n pín in sí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́: kó ẹ̀kùrọ́ láti igbá kan sí ìkejì. Fóònù ń ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ọmọ ń ka iye ẹ̀kùrọ́. Ìgbà mẹ́wàá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀kùrọ́ mẹ́rin ló lè kó nígbà tó ṣe dáadáa jù.

20/
Bó bá ti ń rọrùn fún un, iṣẹ́ á le sí i níwọ̀nba. Wọ́n á sún igbá kejì síwájú ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi edé gbígbẹ rọ́pò ẹ̀kùrọ́, torí edé fẹ́ ìka tó rọra mú nǹkan. Lẹ́yìn edé, ó ń wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ àwọ̀n. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ní "ẹ gbìyànjú, bàbá." Tó bá kó márùn-ún, wọ́n á sọ fún un pé márùn-ún ni, àná mẹ́rin ni. Nọ́ńbà yẹn ló ń fún un lágbára ju ìwúre lọ.

21/
Ohun kan fẹ́ bà á jẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, iye ẹ̀kùrọ́ gòkè lójijì, inú gbogbo ilé dùn. Ọmọ náà wò ó dáadáa: bàbá ti ń fi gbogbo àyà tẹ̀ síwájú, èjìká ló ń ju ọwọ́, ìka ò ṣe nǹkan tuntun. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ nìyẹn, èjìká ló ń gba ilẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀yìn ẹ̀ ti ògiri, wọ́n ní ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ kúrò lára ògiri. Iye náà wálẹ̀, àmọ́ ọwọ́ ló ń ṣe é báyìí. Ẹ máa wo bó ṣe ń ṣe é, ẹ má wo iye nìkan.

22/
Ìyàwó ẹ̀ ló nira jù láti yí lọ́kàn padà. Ó ń sunkún. Bàbá ní, "Ẹ bọ́ nǹkan yìí lọ́wọ́ mi, ebi ń pa mí." Ọmọ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ òsì ń sùn. Ṣíbí rèé." Ogójì ìṣẹ́jú ló fi jẹ àwo kan, ìdajì dà sí i láyà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀kùrọ́ mẹ́tàlá ló ń kó, ó sì ń di ife tí omi ò kún mú. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ó ń fi ọ̀tún di àwọ̀n mú, òsì ń gún abẹ́rẹ́. Kókó kéékèèké, kò tíì lè ta á bíi ti tẹ́lẹ̀, bóyá kò sì ní lè ta á mọ́. Àmọ́ ó ti padà sídìí àwọ̀n.

23/
Ẹ̀yin ará etí omi, ẹ fetí sí èyí gan-an. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ kó tó gun afárá pákó, kó tó wọ ọkọ̀, kó tó sún mọ́ iná, ọ̀bẹ tàbí omi gbígbóná, àti nígbà tó bá fẹ́ lọ ṣe ohun tó kan balùwẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dúró dáadáa nílò ọwọ́ tó le láti di nǹkan mú tó bá fẹ́ ṣubú. Ọwọ́ tẹ́ ẹ dè lórí pákó omi lè pa èèyàn. Tí orí bá ń fọ́ ọ gan-an, tí òyì ń kọ́ ọ, tí ẹnu tún wọ́ tàbí ọwọ́ tún rọ ju ti àná lọ, ẹ dá gbogbo ẹ̀ dúró, ọsibítù ni kíá. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ò sì gbọdọ̀ já lọ́jọ́ kan.

24/
Mo mọ èsì yín. "Ìwọ ọmọ kékeré, ṣé ká máa wo àgbàlagbà kó máa da oúnjẹ sára ni ọ̀wọ̀?" Mo bi yín padà: ṣé kẹ́ ẹ máa bọ́ àgbàlagbà bí ọmọ ọwọ́ fún ọdún mẹ́wàá ni ọ̀wọ̀? Ọ̀sẹ̀ méjì ìtìjú nínú ilé ẹ̀, láàárín àwọn ọmọ ẹ̀, lẹ ń fi wé ọ̀pọ̀ ọdún tí kò ní lè ti bọ́tìnnì ẹ̀ fúnra ẹ̀. Àwa Yorùbá la ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Tẹ́ ẹ bá wá gba ọwọ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló máa fi tún un ṣe?

25/
Èsì kejì: "Wákàtí mẹ́fà pẹ̀lú físíò, níbo, ní Ìlàjẹ?" Ìyẹn ní ìtumọ̀. Láti etí òkun, ọkọ̀ omi dé Igbókòdá, mọ́tò dé Òkìtìpupa, ká tó sọ pé Oǹdó tàbí Àkúrẹ́. Kò sẹ́ni tó lè máa lọ lójoojúmọ́. Àmọ́ ní Jámánì, wọ́n dán an wò nínú ilé lára èèyàn 156, èsì jáde ní 2015. Físíò wá nígbà díẹ̀, ará ilé ló ń darí iṣẹ́ náà, wákàtí méjì lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní ti ìyára ọwọ́, kò ju ìtọ́jú ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ní ti bí wọ́n ṣe ń lo ọwọ́ náà sí nínú ilé, ó jù ú lọ. Ìlò yẹn la sì ń wá.

26/
Nílé wa níbí náà, Auwal Abdullahi ti Yunifásítì Bàyẹ́rò ní Kánò bi ìbéèrè tó kàn wá: ṣé dandan ni ká máa ka wákàtí? Iṣẹ́ ẹ̀ tó jáde ní 2018 fi kíka iye ìgbà tí ọwọ́ ṣe nǹkan wé kíka wákàtí, àwọn tó ń ka iye ìgbà náà sàn sí i. Kíka ìgbà ò gba aago, kò gba iná, kò gba ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi èédú fa ìlà sára ògiri.

27/
Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè ò tóbi. Kí ọsibítù kankan má ṣe dá aláìsàn rọpárọsẹ̀ padà sílé pẹ̀lú "ẹ máa ṣe eré ìdárayá" lásán. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, lédè Yorùbá: iṣẹ́ wo, ìgbà mélòó, ìgbà wo lẹ máa dáwọ́ dúró. Ẹ kọ́ ará ilé kan kó tó wọ ọkọ̀. Ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó wà ní abúlé omi ní àyẹ̀wò aṣọ ìnujú yẹn, kí físíò nígboro lè mọ ẹni tó yẹ kó rí lákọ̀ọ́kọ́.

28/
Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ sì ń ka èyí, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń gbé àwo dé iwájú bàbá: ọ̀la, ẹ gbé aṣọ kékeré kan sórí tábìlì. Tó bá gbé e tó sì jù ú sílẹ̀, ẹ wá físíò kan tó máa fi ọ̀nà hàn yín, kẹ́ ẹ wá ẹ̀kùrọ́ àti igbá méjì sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún gbé ṣíbí, ọwọ́ tó rọ ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Kẹ́ ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ sì di ọwọ́ tiyín mú.